Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ girama kékeré láti kọ nóòtì tó lè fi kàwé

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kan tó wà ní ọdún kejì ní girama kékeré, ẹ ṣí i sí ẹ̀kọ́ tó kọ kẹ́yìn, kí ẹ wá pa á dé, kí ẹ bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní èdè Yorùbá ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé náà á mọ́ tónítóní. Wọ́n á ti fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ kan tó wà lára bọ́ọ̀dù tí kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á kàn máa wò mí ni. Ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́, etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ.

Mi ò lè dá ọmọ lẹ́bi. Ohun tí à ń pè ní nóòtì lọ́dọ̀ wa ni ohun tí tíṣà kọ sára bọ́ọ̀dù, tàbí tó ń pè lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ ń dà kọ. Bó ṣe rí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn wọ́n pé èèyàn lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀, kó máa ṣà nínú rẹ̀, kó sì kọ èyí tó ṣà sílẹ̀ lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ á fi lè rí i lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún. Wákàtí ẹ̀kọ́ méjì tó tẹ̀ léra, oníṣẹ́jú 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń gbà, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ẹ̀kọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ máa pèsè sílẹ̀

Ìwé tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀, bírò àti rúlà ti tó fún àwọn ọmọ. Ohun tó kan tíṣà ni àyọkà kan tí kò tó igba ọ̀rọ̀, tí ẹ fúnra yín kọ, lórí ohun tó wà nínú iṣẹ́ sáà yẹn. Ẹ má ṣe mú “bí a ṣe ń kàwé” ṣe kókó àyọkà náà. Ọmọ tí ẹ bá fi àyọkà nípa ìwé kíkà kọ́ ní nóòtì kíkọ á rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Àyọkà tí èmi ń lò nìyí:

“Oríṣi àdìrẹ mẹ́ta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Èkíní ni àdìrẹ oníko. Ìko ni wọ́n fi ń so aṣọ náà ní ibi púpọ̀ kí aró má baà wọ ibi tí wọ́n so. Àwọn mìíràn máa ń di òkúta wẹẹrẹ tàbí kóró èso sínú aṣọ náà kí wọ́n tó so ó. Èkejì ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Wọ́n á ká aṣọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, wọ́n á sì fa òwú náà le dáadáa. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán, wọ́n á tú òwú náà. Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ náà. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ ọnà sójú kan aṣọ. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọ́n á rẹ aṣọ náà sínú aró, wọ́n á sì ha ẹ̀kọ náà kúrò nígbẹ̀yìn. Ara ewé elú ni aró ti ń wá. Wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, kí wọ́n tó fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró.”

Mo ní ìdí tí mo fi kọ ọ́ báyìí. Ohun mẹ́ta tó jọra wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tó ń tẹ̀ léra wà níbẹ̀, èyí tí ètò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dàrú. Ohun kan sì wà ní ìparí tó ń fa ìbéèrè “kí nìdí”. Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan nìkan ló kún inú àyọkà, orúkọ títò nìkan ni àwọn ọmọ máa kọ́ níbẹ̀.

Kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ ò lè bá ẹnu

Ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni eré ìṣẹ́jú kan. Mo máa kọ gbólóhùn mẹ́ta sára bọ́ọ̀dù, mo máa ní kí wọ́n dà á kọ bí ọwọ́ wọn bá ṣe yá tó, pẹ̀lú àmì ohùn, títí tí màá fi ní “Ẹ dúró!” Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka iye ọ̀rọ̀ tó kọ, á sì kọ ọ́ sí igun ìwé rẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 12 sí 20. Lẹ́yìn náà ni màá fún ọmọ kan ní ìwé tí mo mú lọ́wọ́ pé kó kà á sókè fún ìṣẹ́jú kan bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì rẹ̀ ka iye ọ̀rọ̀ tó kà. Iye yẹn kì í jọ èyí tí wọ́n kọ rárá. Ó máa ń tó ìlọ́po márùn-ún, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màá wá bi wọ́n pé: “Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀?” Ẹnì kan á dáhùn pé, “Mà, a máa fo púpọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún ni ọwọ́ lè gbà. Nítorí náà, yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin máa bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù ni kí o mọ mẹ́rin tó yẹ kó bọ́. Tí iye náà bá ti ọwọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn jáde báyìí, mi ò tún ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má da gbogbo nǹkan kọ. Kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ má fò ó.

Ìlà méjì lójú ìwé

Ọ̀nà tí a fẹ́ lò yìí ti pẹ́. Walter Pauk, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n sì ń fi orúkọ yunifásítì náà pè é títí di òní. Ó pín ojú ìwé sí mẹ́ta: apá ọ̀tún tó fẹ̀ fún nóòtì, apá òsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìbéèrè, ìsàlẹ̀ fún àkópọ̀.

Ìwé ńlá ni àwọn tirẹ̀ ń lò. Ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ wa ń kọ kéré sí i, bí ẹ bá sì lo ìwọ̀n tirẹ̀, ibi nóòtì ò ní gba ọ̀rọ̀ mẹ́rin lórí ìlà kan. Sẹ̀ǹtímítà 4 láti ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fa ìlà òòró sí. Kí wọ́n ka ìlà márùn-ún láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fa ìlà ìbú síbẹ̀. Ẹ dúró tì wọ́n níbi ìlà fífà yìí. Ọmọ kan á fa ìlà òòró náà sí àárín ìwé gan-an, á wá máa kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó.

Ìṣòro kan wà tí tíṣà tó mọ ilé-ìwé dáadáa á ti rí láti òkèèrè: ọ̀gá ilé-ìwé máa ń gba ìwé àwọn ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó sì fẹ́ rí ni nóòtì tó pé, tó bá ètò iṣẹ́ sáà mu. Wọ́n ti pè mí rí ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pé ìwé kíláàsì mi “kò kún”. Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà náà ni pé ojú ewé òsì jẹ́ ti nóòtì bọ́ọ̀dù, tí mo ti gé kúrú, ojú ewé ọ̀tún sì jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, níbi tó fa ìlà sí. Ọ̀gá rí tirẹ̀, ọmọ sì rí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nóòtì bọ́ọ̀dù wá lẹ́yìn nóòtì ọmọ. Tó bá ṣáájú, wọ́n á dà á kọ sí ojú ewé kejì ni.

Mo ṣe é, a jọ ṣe é, ẹ dá ṣe é

Apá yìí ló ń gba àkókò jù, kì í dín sí ìṣẹ́jú 25. Ẹ pín àyọkà náà sí mẹ́ta.

Apá kìíní, ti oníko, ni èmi ń ṣe níwájú wọn. Ọmọ kan á máa kà á fún mi díẹ̀díẹ̀, èmi á dúró síwájú bọ́ọ̀dù tí mo ti fa ìlà sí, màá sì máa sọ ohun tí mò ń rò síta. Bí ó bá kà pé “Oríṣi àdìrẹ mẹ́ta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí”, màá ní: “Ó ti dárúkọ iye. Mẹ́ta. Tí ẹnì kan bá dárúkọ iye, àlàyé kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo máa kọ ÀDÌRẸ, mo máa kọ 3 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa fi àyè sílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. ‘Ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí’, n kò nílò ìyẹn lọ́la, màá fò ó.” Tó bá dé ibi ìko, màá ní: “Ohun tí wọ́n fi so ó nìyí, mo kọ ìko. Ìdí tí wọ́n fi so ó ńkọ́? Kí aró má wọlé. Ìdí ṣe pàtàkì, mo kọ ọ́.” Ẹ má ṣe tijú láti ṣi í kọ, kí ẹ sì pa á rẹ́ níṣojú wọn. Ọmọ tó bá rí i pé tíṣà kọ nǹkan, ó fagi lé e, ó tún un ṣe, á mọ̀ pé nóòtì kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹwà wọ̀n.

Apá kejì, ti alábẹ́rẹ́, a jọ ń ṣe é. Mo máa ka gbólóhùn kan, mo máa dákẹ́, mo máa bi wọ́n pé kí ni ká kọ, kí ni ká fò. Iyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbí, mo sì máa ń fi àyè gbà á. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan ní kí a fo “wọ́n á fa òwú náà le dáadáa”, pé gbogbo ẹni tó ń ránṣọ ló ń fa òwú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní rárá, pé tí wọn ò bá fà á le, aró á wọlé, àdìrẹ ò sì ní jáde. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mò ń dúró dè, torí pé ẹni tó ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kó fò ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Apá kẹta, ti ẹlẹ́kọ àti aró, wọ́n á dá ṣe é. Màá ka gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, màá dákẹ́ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, màá tún ka òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ, mi ò ní sọ nǹkan kan rárá. Ó ṣòro fún tíṣà láti dákẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ sí i nígbà yẹn á lé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ jáde. Màá sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa tẹ́tí sí àwọn ọ̀rọ̀ tó ń pe àkíyèsí: “èkíní”, “nítorí náà”, “àmọ́”, “ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé”, “nígbẹ̀yìn”. Tí tíṣà bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí tó kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, òun náà ń pe àkíyèsí nìyẹn.

Bí nóòtì apá ọ̀tún ṣe rí nínú ìwé ọmọ kan tó ṣe é dáadáa nìyí:

ÀDÌRẸ: oríṣi 3
1. Oníko: fi ìko so, kí aró má wọlé. Òkúta/kóró nínú.
2. Alábẹ́rẹ́: ká, rán, fa òwú LE. Rẹ, tú.
3. Ẹlẹ́kọ: láfún + álọ́ọ̀mù. Ìyẹ́ adìyẹ, ojú 1. Gbẹ → rẹ → ha.
ARÓ: ewé elú. Gún → ṣù → sá → omi eérú, ìkòkò, ọjọ́ díẹ̀.
Aṣọ jáde = àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ → aró.

Ẹ wò ó, kò tó ọ̀rọ̀ àádọ́ta, ohun kan ò sì sọnù níbẹ̀ tó máa ba àlàyé jẹ́.

Gígé ọ̀rọ̀ kúrú, àti ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n láti inú fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ọfà fún “ó yọrí sí”, nọ́ńbà dípò ọ̀rọ̀ iye, àti lẹ́tà bíi mélòó kan fún orúkọ tó bá ń tún jáde, tí wọ́n bá ti kọ ọ́ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan lókè. Ṣùgbọ́n nínú nóòtì Yorùbá, àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni kò ṣe é gé. Ọmọkùnrin kan kọ “3. eko: lafun” sínú ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bi í pé kí ló wà ní ẹ̀kẹta, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Àdìrẹ Èkó ni, mà. Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é.” Òun ló kọ ọ́, òun náà ni kò lè kà á mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ Èkó. Láti ìgbà náà, òfin kan ni mo fi lélẹ̀: bí ọ̀rọ̀ kan bá lè di ọ̀rọ̀ mìíràn tí àmì bá kúrò lórí rẹ̀, fi àmì sí i, bí ọwọ́ rẹ ò bá tilẹ̀ yá. Èyí tó kù, o lè padà fi sí i nílé.

Fún ẹni tó bá ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, mo ní ìmọ̀ràn kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ orúkọ nǹkan bí ìdánwò ṣe fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ìdí àti ìbéèrè tiwọn sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó lè fi èdè ilé rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó gbọ́ ti gbọ́ ọ lóòótọ́. Irú èrò yìí ló wà nídìí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀.

Apá òsì: ìbéèrè

Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń dúró ni nóòtì apá ọ̀tún. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, ìwé tó dára ni ẹ ní, ẹ ò tíì ní ohun èlò ìkàwé. Ìbéèrè apá òsì ló ń sọ ọ́ di ohun tí ọmọ lè fi yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n wo nóòtì tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè tí nóòtì náà jẹ́ ìdáhùn fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó fún ojú ewé kan. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí gbà ni “Kí ni àdìrẹ?”, “Kí ni elú?”, “Dárúkọ oríṣi àdìrẹ mẹ́ta.” Ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni. Ẹ gba ọ̀kan nínú irú rẹ̀, kí ẹ wá ní kí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí nìdí”, “báwo” tàbí “kí ni ìyàtọ̀”. Díẹ̀ nínú èyí tí kíláàsì mi ti kọ nìyí:

Kí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe fún aṣọ tó fi jẹ́ àdìrẹ ni wọ́n ń pè wọ́n?
Èwo ni wọn kì í so, tí wọn kì í sì í rán?
Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí òwú alábẹ́rẹ́ ò bá le?
Kí nìdí tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé?

Ẹ kíyè sí i pé ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ò sí nínú àyọkà ní tààrà. Ọmọ tó kọ ọ́ ti fi oníko, alábẹ́rẹ́ àti ẹlẹ́kọ wéra, ó sì rí i pé ohun tó ń dí aró lọ́nà ló wà nínú gbogbo wọn. Tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá jáde, mo máa ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù kí gbogbo kíláàsì rí i.

Àkópọ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Gbólóhùn méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ wo apá ọ̀tún nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má wò ó ni pé tí wọ́n bá wò ó, gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú nóòtì ni wọ́n á tún dà kọ síbẹ̀. Àpẹẹrẹ kan: “Ọ̀nà mẹ́ta ni à ń gbà dí aró lọ́nà lára aṣọ: síso, rírán àti fífi ẹ̀kọ ya á. Ara elú ni aró ti ń wá, afẹ́fẹ́ ló sì ń jẹ́ kó yọ.” Tí àkókò ò bá tó, ẹ fi àkópọ̀ ṣe iṣẹ́ ilé. Ìbéèrè ni kò gbọdọ̀ di iṣẹ́ ilé ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe máa fi ka ìwé

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní kíláàsì kí wọ́n tó lọ sílé. Kí wọ́n fi ìwé mìíràn bo apá ọ̀tún, kí wọ́n ka ìbéèrè àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ẹnu dáhùn tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, kí wọ́n tó ṣí i wò. Èyí tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fi àmì kékeré sí i. Èyí tí wọn ò gbà, kí wọ́n yí i ká.

Ọmọ á sọ fún yín pé ó rọ òun lọ́rùn láti kàn tún nóòtì kà, pé tí òun bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa ń dà bíi pé òun mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ló ń sọ, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkúrú. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó yẹ ara wọn wò ló rántí jù. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún kíláàsì bó ṣe rí, torí pé ó fi hàn wọ́n pé bí nǹkan ṣe ń dà bíi pé a mọ̀ ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan kò sọ bó ṣe máa rí ní ọjọ́ ìdánwò.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè náà ni alẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n yí ká. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ojú ewé kan. Mi ò gbà pé kí a fi gbogbo rẹ̀ lé ilé lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ ilé, ìtàjà ìyá wọn, àti ìmọ́lẹ̀ tí kò dúró. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún ti ẹ̀yìn ọjọ́ méjì àti ti ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí ti alẹ́ nìkan sì kù fún ilé.

Ohun tó máa ń wọ́, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀

Tí apá ọ̀tún bá kún fọ́fọ́, tí gbólóhùn sì gùn, ọmọ náà ṣì ń da ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ mú ìwé rẹ̀, ẹ ní kó fi bírò aláwọ̀ mìíràn fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré tó máa nílò. Kó tún un kọ pẹ̀lú mẹ́wàá yẹn.

Òdìkejì rẹ̀ ṣòro láti rí, torí pé ó jọ ohun tó dára: ọmọ kọ “ìko, abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ, elú”, ó tán. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, kò sì mọ̀ pé ó máa lọ. Ẹ dán an wò báyìí. Ní ọjọ́ kejì, kí àwọn méjì pààrọ̀ ìwé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi nóòtì ẹnì kejì ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà sókè. Níbi tí ó bá ti kọsẹ̀, ẹni tó ni ìwé á fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì kún un. Ẹ má jẹ́ kó kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí ọ̀nà yìí ò ní tó fún lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò lè kọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ ní ìṣẹ́jú kan nínú eré àkọ́kọ́ yẹn nílò ìrànlọ́wọ́ lórí ìkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní ojú ewé tí ẹ ti kọ “1, 2, 3, ARÓ” sí tẹ́lẹ̀, kó máa kún inú rẹ̀. Ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ wo bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e wá síwájú, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Nínú kíláàsì tí ọmọ ọgọ́ta wà, ẹ ò lè yẹ gbogbo ìwé wò. Mẹ́wàá ni kí ẹ gbà lọ́jọ́ kan, ìbéèrè apá òsì nìkan ni kí ẹ kà. Ìbéèrè náà á sọ fún yín bóyá ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo máa ń fún wọn ní bébà òfìfo láìsọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn fúnra wọn kọ lórí àdìrẹ, láìṣí ìwé. Mi ò kì í gba máàkì náà sílẹ̀. Wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á máàkì ara wọn, wọ́n á sì wo ìbéèrè tí kò ṣeé dáhùn bóyá nóòtì ni kò tó ni, tàbí nóòtì tó ṣùgbọ́n wọn ò padà sí i. Ìyàtọ̀ méjì yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí pé ìwòsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọmọ tí kò wá sílé-ìwé ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ìwé ló máa yá lọ sílé láti dà kọ. Ní báyìí, ẹni tó fẹ́ yá a níwèé á jókòó tì í nígbà ìsinmi ọ̀sán, á máa fi apá ọ̀tún ṣàlàyé fún un, ẹni tí kò wá á máa kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bo apá ọ̀tún, tí ẹni tó wá á máa bi í ní ìbéèrè apá òsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwọn méjèèjì ò bá rí dáhùn, wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà kékeré, wọ́n á sì mú un wá bá mi.